Ìlà Tó Dorí Kodò Kò Sọ Pé Ọjà Fẹ́ Wó

Bí ìpàdé báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà bá ti ku ọ̀la, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa gbọ́ láàrin àwa Yorùbá tó ń ṣe tréédì l'Ábújá, ní Gwarinpa o, ní Kubwa o: "Ẹ wo ìlà ìmì ọjà, ó ti dorí kodò. Àwọn olówó ńlá ti mọ nǹkan kan. Ọjà fẹ́ wó." Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an ní Wuse, àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó yí i ká sì gbà á gbọ́ láìjanpata. Ó dùn mí, torí pé ìlà náà kò sọ ohun tí wọ́n gbọ́ rárá.

Ọ́púṣọ̀n ni àdéhùn tó fún ẹni tó rà á lẹ́tọ̀ọ́ láti ra nǹkan tàbí láti tà á ní iye kan pàtó, kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọjọ́ ìparí tirẹ̀. Láti ara iye tí wọ́n ń tà á la ti ń ṣírò IV, ìyẹn bí ọjà ṣe máa mì tó títí di ọjọ́ náà, yálà sókè tàbí sísàlẹ̀, tí a sì máa ń kọ bí ẹni pé ọdún kan gbáko ni. Bí a bá to IV wọ̀nyí láti ọjọ́ tó sún mọ́ dé èyí tó jìnnà, wọ́n di ìlà. Nígbà tí ara ọjà bá balẹ̀, ìlà náà sábà máa ń rọra gòkè: ti ọ̀sẹ̀ yìí kéré, ti oṣù mẹ́ta ga díẹ̀. Tí ti ọ̀sẹ̀ yìí bá wá ga ju ti oṣù mẹ́ta lọ, ó dorí kodò nìyẹn.

Ohun tó ń ṣi èèyàn lọ́nà ni pé ìpíndọ́gba ni IV. Ó kó gbogbo ọjọ́ tó kù pọ̀, ó pín in dọ́gba, ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ sì fara pamọ́ sáàrin wọn. Bí èèyàn márùn-ún bá dá owó màlúù ìnáwó kan, kálukú máa mọ̀ ọ́n lára; bí ọgọ́ta èèyàn bá dá owó màlúù yẹn kan náà, kò ní wọ ẹnikẹ́ni lára tó bẹ́ẹ̀. Iye màlúù kò yí padà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan. Ká ní ọjà kan máa ń mì ní 1% lójúmọ́. Nǹkan bí ọjọ́ 252 ni ọjà ìpín Amẹ́ríkà ń ṣí lọ́dún, gbòǹgbò 252, ìyẹn nọ́mbà tó máa fún wa ní 252 bí a bá fi lu ara rẹ̀, sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 16, nítorí náà ìmì 1% lójúmọ́ túmọ̀ sí IV 16%. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà lọ́sẹ̀ yìí tí gbogbo ayé gbà pé ìwọ̀n ìmì ọjọ́ rẹ̀ máa jẹ́ 4%. A kì í ro ìmì ọjọ́ pọ̀ lásán o. A máa kọ́kọ́ fi kọ̀ọ̀kan lu ara rẹ̀ ná. Ọjọ́ lásán wá di 1, ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ di 16.

Ọ́púṣọ̀n ọlọ́jọ́ 5 ní ọjọ́ lásán 4 àti ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ kan, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 20. Pín in sí 5, ó di 4. Gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ 2. Fi 16 lù ú, IV rẹ̀ jẹ́ 32%. Ti ọlọ́jọ́ 20 jẹ́ 19 àti 16, ìyẹn 35. Bí a bá ṣe é bákan náà, ó máa fún wa ní nǹkan bí 21%. Ti ọlọ́jọ́ 60 jẹ́ 59 àti 16, ìyẹn 75, ó sì máa já sí nǹkan bí 18%. Ẹ wò ó: 32, 21, 18. Ìlà ti dorí kodò pátápátá, bẹ́ẹ̀ ohun kan ṣoṣo tí a fi kún un ni ọjọ́ kan tó yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé ọjà máa wó. Kódà, nígbà tí a fi 4 lu ara rẹ̀ ni ìbéèrè sókè tàbí sísàlẹ̀ ti parẹ́: ìmì sókè 4 jẹ́ 16, ìmì sísàlẹ̀ 4 náà jẹ́ 16.

Ohun tí ìlà náà lè sọ fún tréédà ni iye tí ọjà ń san fún ọjọ́ yẹn nìkan. Ẹ ṣe é padà sẹ́yìn. Yọ 20 kúrò nínú 35, ó ku 15 fún ọjọ́ 15 tó wà láàrin ọjọ́ ìparí méjèèjì, nítorí náà ọjọ́ lásán kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1. Yọ ọjọ́ lásán 4 kúrò nínú 20, ó ku 16, gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ 4%. Èyí kò sọ pé ọjà máa rìn ní 4% gẹ́lẹ́ o. Bí a bá ṣe ìpíndọ́gba rẹ̀, ìrìn náà máa tó nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá rẹ̀, ìyẹn 3.2%. Ìbéèrè tó kù ni bóyá 4% yẹn pọ̀ jù tàbí ó kéré, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú ohun tí irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti ṣe sẹ́yìn. Ẹni tó bá sọ pé 32% wọ́n nítorí pé ó ga ju 18% lọ kò tíì bi ìbéèrè yẹn.

Ṣáájú ìdìbò Brexit ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà 2016, ìlà ọ́púṣọ̀n pọ́n-ùn dorí kodò gan-an, pọ́n-ùn sì já láti nǹkan bí dọ́là 1.50 sí nǹkan bí 1.32. Ṣáájú ìdìbò Amẹ́ríkà ti ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá 2024, àwọn ọ́púṣọ̀n tó parí gẹ́rẹ́ lẹ́yìn ìdìbò ní IV tó ga ju tàwọn tó jìnnà lọ; lọ́jọ́ kejì, S&P 500, ìyẹn àkópọ̀ ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà, fò sókè ní nǹkan bí 2.5%. Bí ìlà ṣe rí nígbà méjèèjì jọra. Ibi tí ọjà gbà ni kò jọra.

Ẹni tó ra púùtù, ìyẹn ọ́púṣọ̀n tó fúnni lẹ́tọ̀ọ́ láti ta ìpín ní iye kan pàtó, nítorí ìlà yìí sì lè mọ ibi tí ọjà ń lọ, kó tún pàdánù. Nínú àpẹẹrẹ wa, ká ní ìpín náà jẹ́ dọ́là 100, púùtù ọlọ́jọ́ 5 ti 100 máa jẹ́ nǹkan bí dọ́là 1.80. Ìṣẹ̀lẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kìíní, ìpín náà já sí 99 lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ lásán 4 ló kù, IV ti já láti 32% padà sí 16%, púùtù náà kò sì ju nǹkan bí 1.40 lọ mọ́. Ọjà wó, owó rẹ̀ náà wó. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹ̀gbẹ́ tí àwọn èèyàn ń bẹ̀rù, ẹ fi IV púùtù wé ti kọ́ọ̀lù, ìyẹn ọ́púṣọ̀n tó fúnni lẹ́tọ̀ọ́ láti rà, tí wọ́n jọ parí lọ́jọ́ kan náà. Ìlà ọjọ́ kò ní in níbẹ̀.

Ìlà máa ń dorí kodò nítorí ìbẹ̀rù gidi náà. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta 2020, VIX, ìyẹn IV nǹkan bí oṣù kan ti S&P 500, parí sí 82.69, ó sì ga ju ti oṣù mẹ́ta lọ, láìsí ọjọ́ kan pàtó tí wọ́n ń dúró dè. Bí ẹ ṣe máa mọ èyí yàtọ̀ sí èkejì ni pé kí ẹ wo ọ́púṣọ̀n tó parí ṣáájú ìṣẹ̀lẹ̀. Bí òun bá lọ sílẹ̀, tí èyí tó tẹ̀lé e sì fò sókè, ìṣẹ̀lẹ̀ ni. Bí òun náà bá ga, ìbẹ̀rù ti wọ inú ọjà.

Àwọn tó ń ṣe bítíkọ́ìnì nínú wa ní láti ṣọ́ra fún wákàtí. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tiwa ni ọ́púṣọ̀n bítíkọ́ìnì tí wọ́n ń tà lórí ọjà Deribit ń parí, báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà sì ń kéde ní aago méje alẹ́ tiwa, tàbí mẹ́jọ nígbà òtútù tiwọn. Bí ìkéde bá jẹ́ Ọjọ́rú, ọ́púṣọ̀n tó parí lọ́jọ́ Ọjọ́rú yẹn kò ní ìkéde nínú. Ti Ọjọ́bọ̀ ló ní in. Ọjà bítíkọ́ìnì kì í sì í tì, nítorí náà 365 lẹ máa lò, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 19. Bí ẹ bá fi 16 pín IV rẹ̀, ìmì ọjọ́ tí ẹ máa rí máa pọ̀ ju èyí tí ọjà ń san owó fún lọ.