Àdéhùn agbaṣẹ́ṣe abẹ́: ta ni owó yín ń dúró dè?

Ìbéèrè: Púlọ́ńbà ni mí. Agbaṣẹ́ṣe ńlá kan tó ń kọ́ ilé alájà mẹ́rin ní Lẹ́kí fẹ́ gbé gbogbo iṣẹ́ páìpù fún mi ní ₦24,000,000. Abala 7 nínú ìwé wọn ní àwọn yóò san owó mi nígbà tí onílé bá san tiwọn. Abala 9 ní àwọn yóò máa yọ 10% dúró: ìdajì di ìgbà tí ilé bá parí, ìdajì di ìgbà tí sáà àbùkù ilé, ìyẹn àsìkò tí a gbọ́dọ̀ padà wá tún àbùkù ṣe, bá pé. Abala 14 ní èmi ni n ó ru gbogbo àdánù tó bá ti ibi páìpù wá. Ṣé kí n buwọ́ lù ú?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì buwọ́ lù ú. Abala 7 àti 9 so owó yín mọ́ ìwé tí ẹ kò sí nínú rẹ̀, ìyẹn àdéhùn tó wà láàárín onílé àti agbaṣẹ́ṣe àgbà. Ẹ ò mọ ohun tó wà níbẹ̀, ẹ ò sì lè pe onílé lẹ́jọ́ lórí rẹ̀. Ohun tí ẹ máa bá wọn sọ ni pé kí wọ́n tú owó yín kúrò níbẹ̀, kí wọ́n so ó mọ́ ọjọ́ tiyín.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti abala 7. Ẹ wò ó bóyá "nígbà tí onílé bá san" ni wọ́n kọ, tàbí "àfi bí onílé bá san". Ti àkọ́kọ́, èèyàn ṣì lè jà á níwájú adájọ́ pé àsìkò ìsanwó lásán ni wọ́n ń sọ, pé gbèsè wà nílẹ̀ bó ti wù kó pẹ́ tó. Ti èkejì burú jù: bí onílé kò bá san láéláé, wọ́n lè ní àwọn kò jẹ yín ní kọ́bọ̀. Ní Bríténì, òfin iṣẹ́ ìkọ́lé ti 1996, ní abala 113, sọ irú gbólóhùn yìí di aláìlágbára, àfi tí ẹni tó yẹ kó sanwó lókè bá ti wọko gbèsè. Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ohun tí ẹ bá buwọ́ lù ni wọn yóò kà sí yín létí.

Wọn kò ní fẹ́ pa abala náà rẹ́ pátápátá, ẹ má sì jẹ́ kí ìyẹn da iṣẹ́ rú. Ẹ ní kí wọ́n fi gbólóhùn kan sí i: "ọjọ́ 7 lẹ́yìn tí onílé bá san, tàbí ọjọ́ 45 lẹ́yìn tí agbaṣẹ́ṣe abẹ́ bá fi ìwé owó sílẹ̀, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé." Kí wọ́n tún kọ ọ́ pé tí ọjọ́ náà bá kọjá, ẹ lè fún wọn ní ìwé ìkìlọ̀ ọjọ́ 7, kí ẹ sì kó irinṣẹ́ yín kúrò ní sáìtì títí owó yóò fi dé, láìjẹ́ pé wọ́n ka ọjọ́ tí ẹ fi dúró mọ́ ìdádúró iṣẹ́ yín. Bí èyí kò bá sí níbẹ̀, ẹni tó kó irinṣẹ́ kúrò ni wọn yóò ní ó já àdéhùn.

Ìbéèrè: 10% yẹn ńkọ́? Mo rò pé kékeré ni.

Ìdáhùn: Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èrè yín, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo owó iṣẹ́. 10% nínú ₦24,000,000 jẹ́ ₦2,400,000. Ká ní èrè yín lórí iṣẹ́ náà jẹ́ 12%, ₦2,880,000 ni. Ó ku ₦480,000 péré tí ẹ máa fọwọ́ kàn kí wọ́n tó tú owó ìdádúró sílẹ̀. Owó páìpù àti owó àwọn ọmọ iṣẹ́ kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ ọjọ́ ló burú ju iye lọ. Ká ní ẹ parí tiyín ní oṣù kẹjọ tí iṣẹ́ ilé ti bẹ̀rẹ̀. Owó wá tán lọ́wọ́ onílé, lífítì àti ọ̀dà dúró, ilé kò parí títí di oṣù ogún. Oṣù yẹn ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gba ₦1,200,000 àkọ́kọ́. Tí sáà àbùkù bá jẹ́ ọdún kan, oṣù 32 ni ₦1,200,000 kejì máa dé, ọdún méjì gbáko lẹ́yìn tí ẹ ti fi sáìtì sílẹ̀. Iye páìpù tí owó yẹn lè rà lónìí àti iye tó máa rà nígbà náà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ẹ béèrè pé kí ìdajì àkọ́kọ́ jáde nígbà tí ẹ bá parí iṣẹ́ yín, tí wọ́n sì ti buwọ́ lu ìdánwò rẹ̀. Kí ìdajì kejì jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí i, bóyá ilé parí o, bóyá kò parí o. Tí wọ́n bá gbà kí ó wálẹ̀ sí 5%, ó dáa. Ṣùgbọ́n tó bá di pé ẹ̀yọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa gbà, ọjọ́ ni kí ẹ mú.

Ìbéèrè: Abala 14 ló ń dẹ́rù bà mí jù. Bí páìpù bá jò, ṣé kì í ṣe èmi ló yẹ kí n tún un ṣe?

Ìdáhùn: Bí ìsopọ̀ yín bá jò, ẹ̀yin ni. Bí ẹni tó ń de sílìn bá fi dírìlì lu páìpù yín, kì í ṣe ẹ̀yin. Abala yẹn, bí ẹ ṣe kọ ọ́ yìí, kò ya méjèèjì sọ́tọ̀: "tó bá ti ibi páìpù wá" kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kí wọ́n yí i padà sí "àbùkù tó wá láti inú ohun èlò tàbí iṣẹ́ ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe abẹ́".

Ọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan kò tó, ẹ̀rí ló ń gbe èèyàn. Kí wọ́n tó fi sìmẹ́ńtì bo páìpù, ẹ fi omi kún un, ẹ lé afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹ fún un ní ìlọ́po kan àbọ̀ agbára tó máa fi ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ báà 4 ni ilé máa lò, báà 6 ni kí ẹ fún un. Páìpù PPR máa ń fẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ọwọ́ géèjì máa wálẹ̀ láìsí ibi tó ń jò. Ẹ tún fún un títí yóò fi dúró, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí kan. Ẹ ya fọ́tò géèjì níbẹ̀rẹ̀ àti níparí, kí ẹnjiníà wọn buwọ́ lu ìwé ìdánwò lọ́jọ́ náà gan-an. Bí omi bá wá ń kán lẹ́yìn tí wọ́n ti de sílìn, ìwé yẹn ni yóò sọ̀rọ̀ fún yín.

Ẹ̀yìn èyí, ohun méjì ló kù. Kí wọ́n fún yín ní ọjọ́ 7 láti wá wo àbùkù kí wọ́n tó pe púlọ́ńbà mìíràn. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn yóò pe ẹni tó wù wọ́n, ní iye tó wù wọ́n, wọn yóò sì yọ ọ́ nínú owó ìdádúró yín. Kí wọ́n sì fi òdiwọ̀n sí "gbogbo àdánù", torí owó ilé tí onílé kò rí gbà wà nínú rẹ̀. ₦24,000,000 ni kí ẹ ní kó má kọjá.

Ìbéèrè: Ṣé tí sáà àbùkù bá pé, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá. Àsìkò tí ẹ gbọ́dọ̀ padà wá tún nǹkan ṣe ló tán. Ní Èkó, ẹni tí ẹ bá ṣe àdéhùn lásán, èyí tí kò ní èdìdì, ní ọdún mẹ́fà láti pe yín lẹ́jọ́ pé ẹ já a. Ẹ tọ́jú àwọn ìwé ìdánwò náà tó bẹ́ẹ̀.