Kòtò ìwakùsà ní Ìjerò: ṣé ilẹ̀ náà tún lè hu nǹkan?

Mo gbọ́ nínú ìròyìn pé kí àwọn awakùsà tún ilẹ̀ Ìjerò-Èkìtì ṣe. Kí ni wọ́n fẹ́ tún ṣe lára kòtò?

Kòtò nìkan kọ́. Inú iṣan òkúta funfun ni àwọn kùsà bíi kolumbáìtì, tántáláìtì àti lítíọ́ọ̀mù wà ní Ìjerò. Kí awakùsà tó dé ibẹ̀, ó ní láti hú ilẹ̀ tó bò ó, ilẹ̀ yẹn ló ń di òkìtì. Lẹ́yìn náà ló máa fi omi fọ kolumbáìtì àti tántáláìtì tó bá rí: èyí tó wúwo á rọlẹ̀, iyanrìn àti ẹrẹ̀ á bá omi lọ. Kòtò, òkìtì àti ẹrẹ̀ yìí ni iṣẹ́ mẹ́ta tó wà nílẹ̀.

Òkìtì kan wà lẹ́bàá oko wa, ó ti pẹ́, koríko kò hù dáadáa lórí rẹ̀. Ṣé májèlé ni?

Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe májèlé. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ló wá sókè. Ilẹ̀ dúdú tó ń bọ́ ọ̀gbìn kì í sábà ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 lọ. Bí wọ́n bá ti kó gbogbo ilẹ̀ pọ̀, òun ni wọ́n kọ́kọ́ dà sílẹ̀, amọ̀ pupa àti òkúta wẹ́wẹ́ á sì gorí rẹ̀. Ẹ lọ wo òkìtì náà lẹ́yìn òjò: ẹ ó rí ojú ọ̀gbàrá lára rẹ̀, ẹ ó sì rí i pé ìdí rẹ̀, níbi tí ẹrẹ̀ kíkúnná kó jọ sí, ni ìwọ̀nba koríko tó wà hù sí.

Kí ló dé tí wọn kò kàn ti ilẹ̀ náà padà sínú kòtò?

Wọ́n lè tì í padà, ṣùgbọ́n ètò tí wọ́n bá fi tì í ló ń sọ bóyá iṣu máa ta níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú kòtò kan tó gùn ní mítà 30, tó fẹ̀ ní mítà 20, tó sì jìn ní mítà 6. Kúbíkì mítà 3,600 ni ilẹ̀ tó ti ibẹ̀ jáde. Ilẹ̀ tí a bá hú máa ń wú, nítorí afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀. Bí ó bá fi ìdá kan nínú mẹ́rin wú, ó di 4,500, ìyẹn ẹrù típà 450 bí típà kan bá ń gbé kúbíkì mítà 10. Nínú gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ dúdú kò ju típà 15 lọ. Típà 15 yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Bí wọ́n bá ti yà á sọ́tọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí wọn kò kó o ga ju mítà méjì lọ, tí wọn kò sì jẹ́ kó pẹ́ débi tí ohun ẹlẹ́mìí inú rẹ̀ á fi kú, ilẹ̀ á bọ̀ sípò. Bí wọ́n bá ti pò ó mọ́ amọ̀, kò ṣeé ṣà mọ́.

Kí wọ́n kọ́kọ́ fa omi inú kòtò gbẹ. Òkúta ńlá ló ń lọ sísàlẹ̀, amọ̀ á tẹ̀ lé e, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ìpele-ìpele, ilẹ̀ dúdú á wá gbẹ̀yìn. Kí àárín ga ju etí lọ díẹ̀, torí ó máa rì. Bí omi bá dúró láàárín lẹ́yìn òjò ọdún kìíní, wọn kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n gbin agunmánìyè àti ẹ̀wà sí i, kí ilẹ̀ lè lágbára kí ẹnikẹ́ni tó fi iṣu síbẹ̀.

Ibi ìfọ́òkúta ńkọ́, bíi ti ìhà Ìkẹ́rẹ́?

Ìyẹn kò ṣeé dí, torí òkúta náà ti di ilé àti títì. Gígé ògiri rẹ̀ ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn kó má baà ya lulẹ̀, àti fífi ọgbà yí i ká, ló kù.

Omi kòtò náà mọ́ lójú. Ṣé a lè mu ún?

Rárá, àfi bí àyẹ̀wò bá fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ewu tó ń pa ènìyàn kíá ni rírì sómi: ògiri kòtò náà dúró ṣánṣán, kò sí ibi tí ọmọdé lè fẹsẹ̀ tẹ̀ jáde. Ẹ fi igi tàbí wáyà dínà rẹ̀ lónìí, ẹ má dúró de ìjọba.

Ṣé mo lè fi iyanrìn ibi tí wọ́n ti fọ kùsà rẹ́ ilé?

Mi ò gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀. Kolumbáìtì àti tántáláìtì sábà máa ń ní yùréníọ́ọ̀mù àti tóríọ́ọ̀mù díẹ̀ nínú, ìtànṣán wọn kò sì yẹ ní yàrá tí ọmọ ń sùn sí. Eruku ibi ìfọ́òkúta tí àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ń lò kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí, àmọ́ ẹni tó ń pò ó, kó bo imú.

Wọ́n fẹ́ wa ilẹ̀ ẹbí wa. Kí ni ká béèrè?

Òfin ìwakùsà ọdún 2007 ní kí ẹni tó gba ìwé àṣẹ bá ìlú tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, kó ní ètò àtúnṣe ilẹ̀, kó sì máa dá owó sínú àpò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Ẹ ní kí wọ́n fi ètò náà hàn yín. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá dé, ilẹ̀ dúdú ni wọ́n á kọ́kọ́ hú, ibi tí wọ́n á kó o sí, àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ láti inú ẹbí. Kí ẹ ya fọ́tò ilẹ̀ náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.