Ikọ́ ife: iye aláìsàn tó wà nílẹ̀ yàtọ̀ sí iye tó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé

Ní ọdún 2012, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lọ káàkiri Nàìjíríà láti mọ iye ẹni tó ní ikọ́ ife, èyí tí àwọn míì ń pè ní ikọ́ ẹ̀gbẹ. Wọn ò jókòó sí ilé ìwòsàn kí aláìsàn wá bá wọn, àdúgbò ni wọ́n wọ̀. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 15, wọ́n bi í bóyá ó ń wúkọ́, ó sì ti tó ìgbà wo. Wọ́n ya ẹ́síréè àyà rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá mú ìfura wá, wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Àwọn tó kópa lé ní 44,000. Nígbà tí wọ́n ṣírò tán, nínú gbogbo 100,000 àgbàlagbà, nǹkan bí 524 ni kòkòrò ikọ́ ife wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn. Iye yìí ju ohun tí wọ́n ti ń fojú bù tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa.

Bí irú iye báyìí bá jáde, ohun tí ọ̀pọ̀ ń kà nínú rẹ̀ ni pé ènìyàn 524 nínú 100,000 ló ń kó ikọ́ ife lọ́dọọdún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí "lọ́dọọdún" nínú iye yẹn rárá. Ẹni tí ikọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù tó kọjá wà nínú rẹ̀, ẹni tó ti ń wúkọ́ láti ọdún tó kọjá náà sì wà níbẹ̀. Iye aláìsàn tó wà nílẹ̀ lásìkò tí àwọn olùkà, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ka aláìsàn, dé ni, kò sì sọ fún wa ìgbà tí ẹnikẹ́ni nínú wọn di aláìsàn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ mìíràn. Àwọn tí kò ní àìsàn náà ló máa kó jọ. Ẹni tó bá ti ní i tẹ́lẹ̀ á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, torí kò lè tún di aláìsàn tuntun. Lẹ́yìn náà ló máa wá tẹ̀ lé wọn, táá máa yẹ̀ wọ́n wò lóòrèkóòrè. Ẹni tí wọ́n tẹ̀ lé fún ọdún kan gbáko mú ọdún kan wá. Ẹni tó kó kúrò nílùú lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, oṣù mẹ́rin náà ni wọ́n máa kà fún un. Wọ́n á ro gbogbo àsìkò yìí pọ̀, wọ́n á wá fi pín iye àwọn tó di aláìsàn láàárín rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ikọ́ ife, iṣẹ́ ńlá lèyí, torí ìwọ̀nba ni àwọn tuntun láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ ó tẹ̀ lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kẹ́ ẹ tó rí ìwọ̀nba aláìsàn tuntun. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kíka àwọn tó wà nílẹ̀ ló rọrùn fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ìwé tí ilé ìwòsàn ń kọ orúkọ aláìsàn sí kò sì lè rọ́pò títẹ̀ lé ènìyàn: ẹni tó wá, tí wọ́n sì yẹ̀ wò dáadáa, nìkan ló wà níbẹ̀.

Síbẹ̀, iye méjèèjì so pọ̀. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni bí àìsàn náà ṣe ń pẹ́ tó lára ènìyàn. Ẹ wo bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ìjọba láàárọ̀. Bí aláìsàn 20 bá ń wọlé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń dúró fún wákàtí mẹ́ta kó tó rí dókítà, 60 ló máa wà lórí bẹ́ǹṣì nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá yọjú. Ẹ fi dókítà kún un kí ìdúró dín sí wákàtí kan ààbọ̀, 30 lẹ máa bá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwọlé ò yí padà.

Ká wá gbé e wọ ìlú kan tí àgbàlagbà ibẹ̀ jẹ́ 10,000. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ènìyàn 20 ni ikọ́ ife ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dọọdún, àti pé oṣù 18 ló ń gbà, bí a bá pín in dọ́gba, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó rí ìwòsàn tàbí kó kú. 20 lọ́nà ọdún kan ààbọ̀ jẹ́ 30. Ọgbọ̀n aláìsàn ni àwọn olùkà máa bá níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ tó ń yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò láàárín wákàtí díẹ̀ dé ìlú yẹn, oògùn sì ń tètè bẹ̀rẹ̀, débi pé oṣù mẹ́fà péré ni àìsàn náà ń lò lára ènìyàn. 20 lọ́nà ààbọ̀ ọdún jẹ́ 10. Bí àwọn olùkà bá padà wá, wọ́n á ní ikọ́ ife ti já sí ìdá kan nínú mẹ́ta. Òótọ́ ni, ìdùnnú ńlá sì ni, torí àwọn tó ń wúkọ́ kòkòrò sí ẹlòmíràn lára ti dín kù. Ṣùgbọ́n ènìyàn 20 ṣì ń kó sínú rẹ̀ lọ́dọọdún. Ìyẹn náà máa wá lọ sílẹ̀ bó bá yá, àmọ́ kì í yá kíákíá, torí kòkòrò ikọ́ ife lè sùn sára ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó jí.

Ìṣirò yìí náà làwọn onímọ̀ ń yí padà nígbà tí wọn ò bá lè tẹ̀ lé ènìyàn: wọ́n á fi iye ọdún tí àìsàn ń lò pín iye aláìsàn tó wà nílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló ti yẹ ká ṣọ́ra. Ẹ mú 524 yẹn. Bí a bá ní ọdún kan ni ikọ́ ife ń lò, àwọn tuntun lọ́dún jẹ́ 524 nínú 100,000. Bí a bá ní ọdún méjì ni, ó di 262. Iye tí wọ́n kà kò yí padà, ìméfò nípa ọdún ló sọ ìdáhùn di ìlọ́po méjì. Bẹ́ẹ̀ ọdún yẹn ló ṣòro jù láti mọ̀, torí ẹni tí wọ́n bá rí ni wọ́n máa fún ní oògùn, a ò sì ní mọ bí ì bá ṣe pẹ́ tó. Nítorí náà, ẹni tó bá fún yín ní iye tuntun tó ti inú irú ìṣirò yìí wá gbọ́dọ̀ sọ iye ọdún tó lò.

Ohun kejì ni pé ìkànìyàn ọlọ́jọ́ kan máa ń kó àwọn tí àìsàn wọn ń falẹ̀ ju àwọn tí tiwọn ń yára lọ. Ẹni tó fi ọdún méjì wúkọ́ ní àǹfààní ìlọ́po mẹ́jọ láti wà nílé nígbà táwọn olùkà bá dé, ju ẹni tó kú láàárín oṣù mẹ́ta lọ. Àwọn tó ní kòkòrò éèdì tí wọn ò sì lo oògùn, kíá ni ikọ́ ife ń bá wọn jà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kéré láàárín àwọn tí wọ́n bá nílé, ju bí wọ́n ṣe pọ̀ tó láàárín àwọn tí ilé ìwòsàn kọ sílẹ̀.

Kòkòrò éèdì fúnra rẹ̀ ló ń fi òdìkejì ìtàn yìí hàn. Oògùn rẹ̀ kì í lé e kúrò lára, ẹ̀mí ló ń fà gùn. Láìsí oògùn, nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni ènìyàn ń lò pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó tètè bẹ̀rẹ̀ oògùn tí kò sì dá a dúró lè pẹ́ láyé bí ẹlòmíràn. Ní 2023, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ éèdì, nǹkan bí mílíọ̀nù 1.3 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kòkòrò náà káàkiri ayé, èyí tó kéré gan-an sí ti ọdún 2010. Nǹkan bí 630,000 ni àìsàn tó jẹ mọ́ éèdì pa. Àwọn tó ń wọlé ṣì ju àwọn tó ń jáde lọ, nítorí náà àpapọ̀ àwọn tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, tó ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 40, ṣì ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá wo mílíọ̀nù 40 yẹn nìkan á rò pé oògùn ò ṣiṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí oògùn ń ṣe wà lára ohun tó jẹ́ kí iye náà pọ̀.

Ẹ má sì fi mílíọ̀nù 1.3 pín mílíọ̀nù 40 kẹ́ ẹ wá ní ọdún 30 ni ènìyàn ń lò pẹ̀lú kòkòrò náà. Pípín yẹn kì í tọ̀nà àfi níbi tí iye tó ń wọlé àti iye tó ń jáde bá ti dọ́gba fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí àìsàn náà ò sì wọ́pọ̀. Ti éèdì ò tíì dọ́gba: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà nílẹ̀ lónìí kó o nígbà tí ìwọlé ṣì ga ju báyìí lọ.