Ìpé Ojú Owó: Ìgò Mélòó Ni Ọjà Tuntun Gbọ́dọ̀ Tà?

Iye ọjà tí a gbọ́dọ̀ tà kí owó tó wọlé tó bá owó tó jáde dọ́gba, ìyẹn "break-even" lédè Gẹ̀ẹ́sì, ni àwọn kan ń pè ní "ìfọ́dọ́gba". Kí ló fọ́? Àwọn mìíràn ń kọ "ìdọ́gba èrè àti àdánù", èyí tó tún burú jù, torí pé níbi tí à ń wí yìí kò sí èrè, kò sì sí àdánù. Owó tó wọlé àti owó tó jáde ló bára dọ́gba. Ohun tí ìyálọ́jà máa ń béèrè ni pé ṣé ojú owó òun ti pé. Ìpé ojú owó, nígbà náà, ni mo fara mọ́. Ẹni tó bá sọ pé owó ọjà nìkan là ń pè ní ojú owó, kó sọ fún mi bóyá owó tó fi polówó kì í ṣe owó rẹ̀.

Owó tí a ná kí ìgò àkọ́kọ́ tó jáde dà bí kòtò tí a gbẹ́. Owó tó ṣẹ́ kù lórí ìgò kọ̀ọ̀kan ni igbá iyanrìn tí a fi ń dí i. Bó bá kún dé ẹnu, ojú owó ti pé. Igbá tó tẹ̀ lé e ló di èrè.

Ká ní iṣẹ́ àṣetiléwá yín sọ pé ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ gbé sóbò tó ní ata ilẹ̀ jáde. Ìforúkọsílẹ̀, ẹ̀rọ àti ìpolówó rédíò gba ₦1,200,000. Ìgò, èlò àti ọkọ̀ gba ₦250 lórí ìgò kan. Oníbàárà ń rà á ní ₦500, àmọ́ ₦400 ni alágbàtà ń san fún ilé-iṣẹ́.

Ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú. Wọ́n á yọ 250 kúrò nínú 500, wọ́n á sì rí 4,800 ìgò. Ìyẹn kò tọ̀nà, torí ₦100 tó wà láàárín kò dé àpò ilé-iṣẹ́ rí. ₦150 ló ṣẹ́ kù:

1,200,000 ÷ 150 = 8,000 ìgò

Ẹni tó bá dúró sí 4,800 ṣì jẹ kòtò náà ní ₦480,000.

Ẹ tún wò ó bóyá ilé-iṣẹ́ náà ti ní sóbò àtijọ́. Bí ẹnì kan nínú mẹ́rin tó ra tuntun bá jẹ́ ẹni tó fi ti àtijọ́ sílẹ̀, tí ti àtijọ́ sì ń fi ₦100 sílẹ̀ lórí ìgò kan, ìgò tuntun kọ̀ọ̀kan ń jẹ ₦25 nínú owó ilé. ₦125 ló kù, iye náà sì di 9,600. Ìbéèrè lè má dárúkọ èyí. Ẹ wá a nínú ìtàn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fún yín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi iye náà wé ọjà. Bí gbogbo sóbò inú ìgò tí wọ́n ń tà ní àgbègbè náà lọ́dún bá jẹ́ 48,000, ìdá kan nínú márùn-ún ni ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbà kí ojú owó tó pé láàárín ọdún kan. Bí ẹ kò bá gbà pé ó ṣeé ṣe, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìdáhùn.