Ìdí tí kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì fi ń dì mọ́ himoglóbíìnù pinpin

Kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì (CO) ni gáàsì tó máa ń jáde nígbà tí epo, igi tàbí èédú bá ń jó níbi tí atẹ́gùn ò ti tó o. Kò láwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta èèyàn nímú, èyí tí imú ń gbọ́ nínú èéfín, nǹkan míì ni. Ní Àkúrẹ́ àti ìlú Oǹdó, ibi tó ti sábà máa ń wọ ilé ni jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àti èédú tí wọ́n dá iná sí nínú yàrá nígbà ọyẹ́. Kì í jó ẹ̀dọ̀fóró, kì í ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ lójú, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gba ibi tó yẹ kí ọ́síjìn wà. Claude Bernard, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti ṣàlàyé èyí láti nǹkan bí 1857.

Ìdè tó wà láàárín CO àti irin

Himoglóbíìnù ni purotéènì inú sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé ọ́síjìn láti ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní híìmù mẹ́rin, àárín híìmù kọ̀ọ̀kan sì ni átọ́ọ̀mù irin kan wà, ara irin yẹn ni ọ́síjìn ń dì mọ́. Ibẹ̀ náà ni CO ń wá. Kábọ́ọ̀nù tó wà lára CO máa fún irin ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, irin náà á tún ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tirẹ̀ padà sí CO, tórí náà ìdè yẹn máa ń le lọ́wọ́ méjèèjì.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé CO máa ń sáré dé ìdí irin ṣáájú ọ́síjìn ni. Rárá o. Tí wọ́n bá wọn eré wọn, ọ́síjìn ló tiẹ̀ ń yára wọlé jù. Jíjáde ni ọ̀rọ̀ wà. Tí himoglóbíìnù bá ti kún, ọ́síjìn kan ò ní pẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kó tó bọ́ kúrò lára irin, CO lè lò tó ìṣẹ́jú kan sí méjì, bó bá sì bọ́ tán, irin míì ló tún máa ń lọ dì mọ́ kó tó ríbi jáde gba ẹ̀dọ̀fóró. Ó dà bí èrò tó wọ takisí l'Ọ́jà Ọba tó ní Alágbàká lòun ń lọ, tí wọ́n dé Alágbàká tí kò bọ́ọ́lẹ̀, tí dẹ́rẹ́bà wá ń gbé e yí ìlú ká. Tí a bá ro wíwọlé àti jíjáde pọ̀, agbára tí CO fi ń di himoglóbíìnù mú máa ń tó ìlọ́po 200 sí 250 ti ọ́síjìn.

Ó sì yẹ ká sọ ọ́ pé purotéènì yẹn gan-an ti gbìyànjú. Híìmù tó dá wà, tí kò sí purotéènì lára ẹ̀, nǹkan bí ìlọ́po 20,000 ló fi ń fẹ́ CO ju ọ́síjìn lọ. Ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí ni hísítídíìnì kan, ọ̀kan lára àwọn èròjà tó para pọ̀ di purotéènì náà, tó wà létí ibi tí gáàsì ń dì sí. Ọ́síjìn tó wà lára irin máa ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù irin sọ́dọ̀ díẹ̀, hísítídíìnì yìí á wá na áídírójìn rẹ̀ sí i, á fi dì í mú. CO kì í fà á bẹ́ẹ̀, tórí náà kì í rí ìrànlọ́wọ́ yẹn gbà. Tẹ́lẹ̀, àlàyé tí wọ́n máa ń ṣe ni pé ṣe ni àyè ibẹ̀ há tí CO fi ní láti tẹ̀, àmọ́ ti áídírójìn yìí ló jọ pé ó ṣe pàtàkì jù. Àǹfààní rẹ̀ kì í ṣe kékeré, torí ara tiwa náà ń ṣe CO nígbà tó bá ń tú híìmù àtijọ́ palẹ̀, èyí ló fi jẹ́ pé ẹni tí kì í mu sìgá pàápàá máa ń ní tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún himoglóbíìnù tí CO wà lára ẹ̀.

Ìṣirò kan

Ká ní ẹnì kan jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìjàpọ̀, ó ti ilẹ̀kùn nítorí òjò, jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn fèrèsé, CO inú afẹ́fẹ́ wá dé 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú ẹ̀dọ̀fóró, agbára tí ọ́síjìn fi ń tì máa ń wà ní bíi 100 (tí wọ́n bá fi mílímítà mẹ́kúrì wọ̀n ọ́n), ti CO yìí ò ju 0.7 lọ. Ẹ sọ 0.7 di ìlọ́po 220, ó di 154. Ìyẹn ni pé bí himoglóbíìnù 100 bá gbé ọ́síjìn, nǹkan bí 154 á gbé CO, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ ti lọ nìyẹn. Kì í ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ṣá o, ó máa ń gba wákàtí mélòó kan, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ agbára tó ń mí gúle gúle máa yára débẹ̀ ju ẹni tó jókòó lọ.

Ọ́síjìn tó ṣẹ́ kù náà kì í wúlò tó

Ibí yìí lọ̀rọ̀ gan-an wà. Ẹni tí ibà tàbí jẹ̀díjẹ̀dí ti jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kù sí ìdajì máa rẹ̀, ojú ẹ̀ á funfun, àmọ́ ó lè rìn lọ sọ́jà. Ẹni tí CO gba ìdajì ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lè dákú. Àwọn méjèèjì, iye ọ́síjìn kan náà lẹ̀jẹ̀ wọn lè gbé, nǹkan bíi mílílítà 10 nínú 100 ẹ̀jẹ̀, tí ara sì nílò 5 nínú ẹ̀ téèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́.

Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé híìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gbọ́ ara wọn. Tí ọ̀kan bá ti ní gáàsì lára, ìrísí purotéènì yẹn máa yí, àwọn ìyókù á di tiwọn mú le sí i. Ọ́síjìn máa ń bọ́ lára wọn nígbà tó bá dé iṣan, àwọn tó kù á wá tú ọwọ́ sílẹ̀. CO kì í bọ́, tórí náà himoglóbíìnù ò ní tú ọwọ́. Nínú ẹni tẹ́jẹ̀ ẹ̀ kàn kù, mílílítà 5 yẹn máa jáde nígbà tí agbára ọ́síjìn bá já sí nǹkan bíi 27. Nínú ẹni tó fa CO, ó ní láti já sí nǹkan bíi 13 kí 5 yẹn tó jáde. Ọkàn àti ọpọlọ, tí wọ́n ń lo ọ́síjìn jù, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

John Scott Haldane, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Scotland, fi èkúté dán èyí wò ní 1895. Ó fi CO kún ẹ̀jẹ̀ wọn àmọ́ ó fi ọ́síjìn tó ní agbára ìlọ́po méjì ti afẹ́fẹ́ ayé yí wọn ká, wọn ò kú, torí ọ́síjìn tó yọ́ sínú omi ẹ̀jẹ̀ fúnra ẹ̀ ti tó wọn. CO tún máa ń dì mọ́ mayoglóbíìnù inú ẹran ara àti àwọn purotéènì míì nínú sẹ́ẹ̀lì, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èyí náà dá kún un, torí iye CO inú ẹ̀jẹ̀ àti bí àìsàn ṣe le tó kì í bára mu nígbà gbogbo.

Bí wọ́n ṣe ń dá a mọ̀, àti ìtọ́jú

Orí fífọ́, èébì, òòyì, ara tó wúwo: ibà ni wọ́n sábà máa kọ́kọ́ pè é. Ohun tó lè tọ́ka sí CO ni pé gbogbo ará ilé ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà, ara wọn á sì fúyẹ́ tí wọ́n bá jáde síta. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń ki sí ìka láti fi wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ máa ń tàn wọ́n jẹ, ó lè kọ 98 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí ìdajì ẹ̀jẹ̀ ti gba CO, torí àwọ̀ méjèèjì jọra lójú iná tó ń lò. Ẹ̀rọ tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò pẹ̀lú oríṣi iná púpọ̀ ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Awọ ara tó pọ́n bíi ti ẹni tára ẹ̀ le, ara òkú ni wọ́n ti sábà ń rí i.

Wọ́n á kọ́kọ́ gbé aláìsàn síta. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, ìdajì CO máa ń jáde láàárín wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, pẹ̀lú ọ́síjìn gidi látinú agolo, wákàtí kan sí kan ààbọ̀. Yàrá tí wọ́n ti ń fi agbára ti ọ́síjìn máa ń mú un wá sí nǹkan bí ìdajì wákàtí, ṣùgbọ́n àwọn dókítà ṣì ń jiyàn lórí bóyá ó ń dáàbò bo ọpọlọ ju ọ́síjìn agolo lọ.