Káàdì mélòó ló yẹ kó wà fún bẹ́árìn wa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ là ń ṣe níbí ní Adó-Èkìtì. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo káàdì káńbáǹ fún bẹ́árìn, ìyẹn káàdì tó máa ń wà lára páàlì kọ̀ọ̀kan, tí a ń yọ sínú àpótí kí dírẹ́bà lè fi ra páàlì mìíràn: káàdì 4, páàlì 4. Àkúrẹ́ la ti ń rà á, kò sì ju ọjọ́ kan lọ. Síbẹ̀, bẹ́árìn ń tán kí òmíràn tó dé. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ọjọ́ kan tí ẹ kà yẹn ló tàn yín. Ìrìn mọ́tò nìkan lẹ kà. Ohun tó yẹ kí ẹ kà ni gbogbo àkókò láti ìgbà tí ẹ bá yọ káàdì lára páàlì títí páàlì tuntun yóò fi gúnlẹ̀ sórí pẹpẹ. Kí ẹnikẹ́ni tó gbéra lọ sọ́jà rárá, káàdì ti jókòó sínú àpótí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ yọ ọ́ sórí káàdì kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ó rí i fúnra yín.

Ìbéèrè: Dírẹ́bà wa ń lọ ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ láàárọ̀, ọjà á sì wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. A kì í ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀rọ 12 là ń ṣe lóòjọ́, bẹ́árìn 2 ló ń wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, 12 ló sì wà nínú páàlì. Báwo la ṣe máa ṣírò rẹ̀?

Ìdáhùn: Ìṣirò náà nìyí:

```
N = D × L × (1 + S) ÷ C
```

N ni iye káàdì, D ni iye tí ẹ ń lò lóòjọ́, L ni iye ọjọ́ tí páàlì fi ń padà dé, S ni àlékún fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀, C sì ni iye tó wà nínú páàlì kan.

Bẹ́árìn 24 lẹ ń lò lóòjọ́. Ẹ wá wo káàdì tí wọ́n yọ ní ọjọ́ Ajé, gẹ́rẹ́ tí dírẹ́bà ti lọ tán. Ó di Ọjọ́bọ̀ kó tó rí ẹni mú un, ó sì di òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kí ọjà rẹ̀ tó wọlé. Ọjọ́ 4 gbáko nìyẹn. 24 lọ́nà 4 jẹ́ 96. Ẹ fi ìdá 20 nínú 100 lé e nítorí òjò, ojú ọ̀nà, àti bẹ́árìn tó lè bàjẹ́: ó di 115 ó lé díẹ̀. Ẹ fi 12 pín in, 9.6 ló máa jẹ́. Òkè la máa ń gbé e sí, torí náà káàdì 10. Páàlì 4 tiyín, bẹ́árìn 48 ni, oúnjẹ ọjọ́ méjì péré. Kò lè ṣe kó má tán.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kíyè sí. Ìgbà tí wọ́n bá mú bẹ́árìn àkọ́kọ́ nínú páàlì ló yẹ kí wọ́n yọ káàdì rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà tí páàlì bá ṣófo ni àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ń yọ ọ́, ẹ fi káàdì kan kún un, kó di 11.

Ìbéèrè: Páàlì 10 á di owó wa mọ́lẹ̀. Ṣé a lè dín in kù?

Ìdáhùn: Ẹ lè dín in kù, ṣùgbọ́n ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ gé, kó tó kan káàdì. Bí ẹ bá ń ka káàdì nírọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, tí ẹ pe ẹni tó ń tà á fún yín l'Ákùúrẹ́, tó sì fi páàlì náà rán ọkọ̀ èrò láti gáréèjì lọ́jọ́ kejì, L á di ọjọ́ 2. 24 lọ́nà 2 jẹ́ 48. Pẹ̀lú àlékún, 57.6, ẹ pín in sí 12, ó jẹ́ 4.8. Káàdì 5 ti tó. Owó ọkọ̀ lè gun sí i, torí náà ẹ fi wé owó páàlì 5 tó máa kúrò nílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa yọ káàdì níkọ̀ọ̀kan. Ẹ máa wo iye páàlì tó kù lórí pẹpẹ nígbà tí ọjà tuntun bá ń wọlé. Bó bá ṣe pé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò dín sí 2 rí, ẹ yọ ọ̀kan. Bó bá kan òfo, ẹ dá a padà, kí ẹ sì wádìí ohun tó fa ìdádúró.

Ìbéèrè: Bí a bá ṣírò rẹ̀ dáadáa tó tún ń tán ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ ka káàdì yín. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, káàdì 10 la ṣe. Nígbà tí bẹ́árìn bẹ̀rẹ̀ sí í tán, 7 péré la rí. Ọ̀kan wà nínú àpò aṣọ iṣẹ́ tí ẹnìkan ti fọ̀, méjì ti wọ abẹ́ tábìlì. Káàdì tó sọnù kì í pariwo: páàlì rẹ̀ kò kàn ní padà wá mọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn, èyí tó wà lára páàlì, èyí tó wà nínú àpótí àti èyí tó wà lọ́wọ́ dírẹ́bà gbọ́dọ̀ pé iye tí ẹ ṣe.

Bó bá sì jẹ́ pé ẹnìkan ló ṣàdédé béèrè ẹ̀rọ 60 lẹ́ẹ̀kan, ẹ má ṣe fi káàdì ojoojúmọ́ ṣe é, torí D ti yí padà. Ẹ gé káàdì aláwọ̀ pupa fún bẹ́árìn iṣẹ́ náà nìkan, kí ẹ sì fa á ya bí páàlì rẹ̀ bá ti tán.