Àkọsílẹ̀ ìpè tríáàjì: kí lo máa kọ nígbà tó o bá gbé fóònù sílẹ̀?

Tríáàjì orí fóònù kò ju pé kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà gbọ́ ohun tó ń ṣe aláìsàn lórí fóònù, kó wá pinnu ẹni tó gbọ́dọ̀ máa bọ̀ báyìí, ẹni tó lè dúró dọ̀la, àti ẹni tó lè tọ́jú ara ẹ̀ nílé. Ìwé tá a máa ń kọ lẹ́yìn ìpè yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí ọ̀pọ̀ wa la rò pé torí ọ̀gá tàbí torí ilé ẹjọ́ la ṣe ń kọ ọ́. Nọ́ọ̀sì tó máa gbé fóònù nígbà tí ìyá ọmọ bá tún pè láàárín òru, tí ìwọ sì ti relé lọ sùn, òun gan-an lo ń kọ ọ́ fún.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ohun tí mo kọ nípa ọmọ kan rèé: "Ọmọ ń ṣu, ó ń bì. Mo ti gba ìyá níyànjú. Kó padà pè tí kò bá dáa." Mo rò pé mo ti kọ nǹkan gidi. Nígbà tó di ìdájí, ìyá pè, nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi ka ohun tí mo kọ, kò rí nǹkan kan dì mú níbẹ̀, ìmọ̀ràn wo? kí ni "kò bá dáa" yẹn? Ló bá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé lójú ìyá, èébì tó dáwọ́ dúró ni "ó ti dáa", èébì náà sì ti dúró lóòótọ́, àmọ́ ó dúró torí pé ọmọ ò mu nǹkan kan mọ́, kò sí ohun tó fẹ́ bì. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé, ojú ẹ̀ ti jìn wọlé, dírípù ló gbà á. Ara ẹ̀ padà yá, àmọ́ gbólóhùn mẹ́ta tí mo kọ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìpè míì, irú ẹ̀ náà ni, ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn. Aago 9:40 alẹ́, ìyá ọmọ oṣù 14 ló pè. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ ni aago yẹn, nọ́ńbà tá a lè fi pè é padà, pé ìyá fúnra ẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ àti pé ọmọ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ má fojú kéré èyí tó gbẹ̀yìn yẹn o, torí nígbà míì àǹtí ọmọ ló máa pè láti ibi iṣẹ́, tí ọmọ wà nílé lọ́dọ̀ ẹlòmíì, gbogbo ohun tó bá wá sọ nípa ojú àti ara ọmọ, àgbọ́sọ ni. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, gba nọ́ńbà ẹni tó gbé ọmọ dání, kó o bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo kọ ohun tó sọ, bó ṣe sọ ọ́: "Ó ti ya ìgbẹ́ olómi nígbà 5 látọ̀sán, ó bì nígbà 3." Mo kọ èyí tí mo bi í tó ní kò sí náà: kò sẹ́jẹ̀ nínú ìgbẹ́, èébì ò ní àwọ̀ ewé, ara ò gbóná, 37.1 lábẹ́ apá. Tó ò bá kọ "kò sí" sílẹ̀, ẹni tó ń kà á ò lè mọ̀ bóyá o béèrè tàbí o gbàgbé. Mo wá ya ohun tí ìyá sọ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí èmi fúnra mi gbọ́: ìyá ní ọmọ ń mu ọyàn, ó ní pámpásì rẹ̀ tutù kẹ́yìn ní aago 6 ìrọ̀lẹ́, èmi gbọ́ igbe ọmọ lẹ́yìn, igbe tó lágbára. Orí fóònù, o ò lè fọwọ́ fa awọ ikùn ọmọ wò kó o mọ̀ bóyá omi ti ń tán lára ẹ̀, torí náà má kọ "ọmọ ò tíì gbẹ" bí ẹni pé o fojú rí i.

Ìmọ̀ràn ńkọ́? Kọ ọ́ pẹ̀lú ìwọ̀n. Mo ní kó po àpò ó-à-ẹ́ẹ̀sì kan sínú omi tó mọ́, líta 1, ìyẹn píọ̀ wọ́tà méjì tó jẹ́ 50 sẹ̀ńtílítà lẹ́yọ kan. Kó fún ọmọ ní mílílítà 50 sí 100 lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ṣíbí kékeré ni kó máa fi fún un, tó bá bì, kó dúró fún ìṣẹ́jú 10 kó tó tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 nìyẹn. Ọyàn ò gbọ́dọ̀ dúró. Síńkì mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14. Mo kọ ohun tí mo ní kó má ṣe náà, torí ó sọ fún mi pé fílájìlì wà nílé, ó sì fẹ́ lò ó fún un.

Ibi tí àkọsílẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ jù wá kù, ìyẹn àwọn àmì ewu. "Tó bá gbẹ" ò tó, torí ìyá ò mọ ohun tí nọ́ọ̀sì ń pè ní gbígbẹ. Sọ ohun tó lè fojú rí tàbí tó lè fi aago mọ̀, kó o sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Níbi iṣẹ́ wa, wákàtí 8 láìtọ̀ la fi ń ṣe ààlà fún ọmọ ọjọ́ orí yẹn, ibòmíì máa ń lo 6, ìlànà ibi iṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Àmọ́ mi ò sọ "wákàtí 8" fún un, mo bá a ṣírò ẹ̀: "Mọ́mì, tó bá di aago 2 òru tí pámpásì ṣì gbẹ, ẹ máa gbé e bọ̀, ẹ ò ní dúró dilẹ̀ mọ́." Ìyókù ni pé kò mu nǹkan mọ́ tàbí gbogbo ohun tó mu ló ń bì, oorun tí wọ́n jí i tí kò jí dáadáa, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, èébì aláwọ̀ ewé, ojú tó jìn wọlé, gìrì. Mo sọ fún un pé èébì tó dúró nìkan kì í ṣe àmì pé ó ti yá, kó wò ó bóyá ọmọ ń mu.

Mo wá ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ àwọn nǹkan tẹ́ ẹ máa ṣọ́ fún mi." Ó sọ 5, ó gbàgbé oorun àti àwọ̀ ewé. Mo tún un sọ, ó tún un pè, mo sì kọ pé ó gbàgbé méjèèjì, torí ẹni tó bá gba ìpè kejì máa fẹ́ bi í ní ìyẹn kíákíá. Mo kọ pé ọkọ̀ àdúgbò wà tí wọ́n lè pè lóru, pé ìyá gbà pẹ̀lú ohun tá a sọ. Ìpè parí ní 9:52.

Tí nẹ́tíwọ̀kì bá já ńkọ́? Kọ ibi tọ́rọ̀ dé, kọ iye ìgbà tó o pè padà àti aago ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ àmì ewu ni o ò tíì sọ, kọ ọ́ gbangba pé o ò tíì sọ ọ́, kẹ́lòmíì lè sọ ọ́. Tó o bá rántí nǹkan lẹ́yìn tó o ti kọ ọ́ tán, má pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, fi kún un nísàlẹ̀ pẹ̀lú aago tó o kọ ọ́ gan-an.

Aago 2:12 ni ìyá tún pè. Nọ́ọ̀sì alẹ́ ka ohun tó wà nílẹ̀, ìbéèrè 3 péré ló bi í, ó sì kọ tiẹ̀ sábẹ́ tèmi: "Pámpásì gbẹ láti 6 ìrọ̀lẹ́. Ó kọ ó-à-ẹ́ẹ̀sì àti ọyàn láti 1:30. Wọ́n jí i, ó jí, àmọ́ ó tún sùn lọ. Mo ní kí wọ́n máa gbé e bọ̀ báyìí, mo ti sọ fún dókítà. Ìpè parí 2:15." Aago 2:50 ni wọ́n wọlé, dókítà sì ti ń dúró.